"Ẹ Bá Mi Kọ Lẹ́tà Ìwáṣẹ́": Ohun Tó Yẹ Kí A Béèrè Kí A Tó Mú Kálàmù

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wáṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá ènìyàn kọ lẹ́tà, yálà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ní iléèwé, tàbí láàárín ẹbí, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dojú kọ lónìí. Gbogbo wa pátá, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń dé. Ẹnì kan á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó dára. Mo nílò rẹ̀ kíákíá." Ó parí síbẹ̀. Kò sọ iṣẹ́ tó ń wá. Kò sọ ohun tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rí. Kò sọ ohun tí agbanisíṣẹ́ ní òun ń fẹ́. Kí ni kí ẹni tó gba irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ṣé kó jókòó kó máa kọ ọ́ lọ ni?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òwe náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ lẹ́tà ìwáṣẹ́ mu. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń kọ lẹ́tà kì í di odidi fúnra rẹ̀. Ẹni náà á wá ohun kan fi dí ihò tó wà níbẹ̀, ohun tó sì sábà máa ń wà nítòsí ni ìyìn òfìfo tàbí irọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bí a ṣe lè fi ìbéèrè dí ihò náà, kí a má baà fi èyíkéyìí nínú méjèèjì dí i.

Lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sí

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo lẹ́tà tó máa ń jáde nígbà tí a kò bá béèrè nǹkan kan. Báyìí ló ṣe máa ń lọ:

"Mo ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ lẹ́tà yìí láti béèrè fún iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá yín. Òṣìṣẹ́ aláápọn ni mí, mo ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, mo sì mọ bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó dá mi lójú pé ìrírí mi yóò wúlò fún yín."

Àṣìṣe wo ló wà nínú rẹ̀? Kò sí ọ̀kan. Ó dùn létí, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ gírámà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pa orúkọ ẹni tó kọ ọ́ rẹ́, kí ẹ fún awakọ̀. Ṣé awakọ̀ lè fọwọ́ sí i? Ó lè fọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Òun náà lè fọwọ́ sí i. Akọ̀wé owó? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Lẹ́tà tí ènìyàn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn kò jọra lè fọwọ́ sí láì yí ọ̀rọ̀ kan padà, kò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹni tí yóò ka lẹ́tà náà ní òkìtì lẹ́tà níwájú. Ìbéèrè méjì péré ló wà lọ́kàn rẹ̀: ṣé ẹni yìí lè ṣe iṣẹ́ yìí, kí ló sì máa jẹ́ kí n mọ̀? Bí olùwáṣẹ́ bá wá kọ "aláápọn ni mí," ìdájọ́ ló gbé kalẹ̀ láìmú ẹ̀rí wá. Ìdájọ́ yẹn kì í ṣe tirẹ̀ láti dá. Tirẹ̀ ni kó mú ẹ̀rí wá, kí ẹni tó ń kà á fúnra rẹ̀ sì sọ pé, "Áà, aláápọn lèyí o."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èdè ni wàhálà irú lẹ́tà yìí. Wọ́n á ní kí a fi ọ̀rọ̀ ńláńlá kún un, kí a sọ "aláápọn" di "akíkanjú tí kì í káàárẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà gùn sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò mẹ́ta tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀: iṣẹ́ tó ń wá, ohun tó ti ṣe rí, àti ohun tí agbanisíṣẹ́ ń fẹ́.

Ìbéèrè mẹ́ta, àti èyí tó yẹ kó ṣáájú

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbéèrè là ń kó ba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fi ìbéèrè ogún ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kánjú, yóò dá ẹyọ kan lóhùn, á sì lọ bá ẹlòmíràn tí kì yóò béèrè nǹkan kan. Mẹ́ta ló tó láti fi bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe tò wọ́n sì ṣe pàtàkì.

Èkíní: ẹ fi ìkéde iṣẹ́ náà ránṣẹ́ bó ṣe wà gan-an. Kí ó má ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó ń wáṣẹ́ á ní "iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni," nígbà tí ìkéde náà ní ìlà mẹ́wàá tó ń sọ irú sítọ́ọ̀ tó jẹ́ àti ẹni tí yóò máa jábọ̀ fún. Èkejì: iṣẹ́ wo lẹ ti ṣe rí tó súnmọ́ èyí jù, kódà bí orúkọ rẹ̀ kò bá jọ ọ́? Ẹ̀kẹta: nínú ohun tí ìkéde yìí ń béèrè, èwo ni ẹ kò ní?

Kí ló dé tí ìkéde fi gbọ́dọ̀ ṣáájú? Nítorí pé òun ni yóò sọ fún wa ìbéèrè tó yẹ ká bi nípa ìrírí. Bí a bá kọ́kọ́ ní "ẹ sọ ìrírí yín," ẹni náà á ka ohun tó wà nínú sífíì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, a kò sì ní mọ èyí tó yẹ ká mú àti èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀.

Ìbéèrè kẹta yẹn máa ń ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n á ní kí ló dé tí a fi ń wá àléébù? Nítorí pé agbanisíṣẹ́ yóò rí i. Ó sàn kí àwa ti rí i ṣáájú rẹ̀, kí a sì pinnu ohun tí a máa sọ nípa rẹ̀.

Bí a ṣe ń ka ìkéde

Ó yẹ ká fi sùúrù dúró lórí èyí, nítorí olùwáṣẹ́ kì í sábà mọ ohun tí agbanisíṣẹ́ ń fẹ́. Kò lè dáhùn bí a bá bi í. Inú ìkéde ni ìdáhùn wà. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tẹ̀ lé e dé òpin. Ẹ kà á sí pé ìkéde náà lọ báyìí:

"A ń wá olùtọ́jú sítọ́ọ̀ oògùn. Yóò máa gba ọjà wọlé, yóò máa fún àwọn ẹ̀ka ní ohun tí wọ́n bá béèrè. Yóò rí i pé oògùn kankan kò kọjá ọjọ́ lórí pẹpẹ. Yóò máa ka ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò sì máa jábọ̀ fún ọ̀gá tó ń bójú tó owó. Yóò máa darí òṣìṣẹ́ méjì. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ní ìrírí ọdún 2, ó kéré tán. Mímọ Excel jẹ́ àfikún. Kó jẹ́ aláápọn tó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá dí."

Ohun àkọ́kọ́ tí a máa yà sọ́tọ̀ ni "gbọ́dọ̀" àti "àfikún." Ìrírí ọdún 2 wà lábẹ́ "gbọ́dọ̀", bí lẹ́tà kò bá tètè fi í hàn, wọ́n lè má ka ìyókù. Excel wà lábẹ́ "àfikún": bí olùwáṣẹ́ bá mọ̀ ọ́n, ká sọ ọ́; bí kò bá mọ̀ ọ́n, ká má dárúkọ rẹ̀ rárá. "Aláápọn" àti "ọwọ́ dídí" wà nínú ọ̀pọ̀ ìkéde jákèjádò. A kò ní fi ìlà kan ṣòfò lórí wọn.

Lẹ́yìn náà, ká wá ìlà tí kì í sí nínú ìkéde mìíràn. Kíkà ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Ìjábọ̀ tó ń lọ bá ọ̀gá owó nìyẹn, tí kò lọ bá ọ̀gá sítọ́ọ̀. Kí ni èyí ń sọ fún wa? Ó jọ pé owó tó ń ti inú sítọ́ọ̀ náà ṣòfò ló ń dùn wọ́n, yálà oògùn ń kọjá ọjọ́ ni tàbí iye tó wà lórí pẹpẹ kì í bá ìwé mu. Ẹ ṣọ́ra o. Ìfurasí lásán nìyẹn. A kò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "mo mọ̀ pé ọjà yín ń sọnù". Wọ́n á bínú, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ìwúlò ìfurasí náà ni pé ó ń sọ fún wa ibi tí a máa walẹ̀ sí nínú ìrírí olùwáṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìkéde yìí, mẹ́ta la máa gbé lé: oògùn tó ń kọjá ọjọ́, kíkà ọjà, àti dídarí òṣìṣẹ́ méjì. Ẹni tó bá fẹ́ dá gbogbo wọn lóhùn nínú ojú ewé kan kò ní rí àyè fi ẹ̀rí gbe ọ̀kan lẹ́sẹ̀.

Bí a ṣe ń fa ìrírí jáde lẹ́nu ènìyàn

Ẹni tó ń wá iṣẹ́ yìí jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan, ká sọ bẹ́ẹ̀. A bi í ní ìrírí rẹ̀. Ó ní, "Atajà ni mí ní ṣọ́ọ̀bù oògùn fún ọdún 3, mà. N kò ṣe iṣẹ́ sítọ́ọ̀ rí." Ṣé ẹ rí i? Ìdí tí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fi ṣófo ní ìbẹ̀rẹ̀ ti hàn. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú kó má kọ ìrírí rẹ̀ ránṣẹ́. Ó gbà pé òun kò ní ni. Orúkọ ipò rẹ̀ ti bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Torí náà, a kì í tún béèrè ipò. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ṣe là ń béèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìkéde ṣe tò ó.

"Ta ló máa ń gba ọjà nígbà tí mọ́tò bá gbé e dé?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ni ẹ máa ń ṣe kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹni tó gbé e wá?"

"Mo máa ń ka páálí, màá fi wé ìwé ohun tí a ní kí wọ́n kó wá, màá sì wo ọjọ́ tó wà lára oògùn. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti ń lọ tán, mo máa ń dá a padà."

"Èyí tó bá kọjá ọjọ́ lórí pẹpẹ ńkọ́?"

"Ó máa ń pọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù síwájú, mo sì ń yẹ pẹpẹ kan wò lójúmọ́. Ó fi ìdá 80 nínú 100 dín kù."

Ibí yìí gan-an ló ti yẹ ká dúró. Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé gbogbo iye tí ènìyàn bá dá ni pé: "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ọ̀dọ́bìnrin náà á dákẹ́ díẹ̀, á ní, "Mo fojú bù ú ni, mà." Ẹ má bínú sí i. Ẹ tún béèrè: "Ǹjẹ́ ìwé kan wà tí ẹ ń kọ ohun tí ẹ bá kó dànù sí?" Ó ní ó wà. Ní ọdún àkọ́kọ́, páálí 31 ló wà nínú rẹ̀. Ní ọdún kẹta, 9.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Láti 31 sí 9, ohun tó dín kù jẹ́ 22, ìyẹn bí ìdá 71 nínú 100. Kò tó 80. Bí a bá ti kọ 80, tí wọ́n sì bi í níwájú ìgbìmọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé "báwo lo ṣe dé ibẹ̀," ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní nínú gbogbo ìyókù lẹ́tà náà lè já síbẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kì í tó ìṣẹ́jú márùn-ún. "Láti 31 sí 9" sì tún lágbára ju ìdá lọ, nítorí ó jọ ohun tí ẹni tó ka ìwé gan-an lè sọ.

Ìbéèrè méjì ló kù. A bi í nípa kíkà ọjà: ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, òun máa ń ka apá kan, òun á fi wé ohun tó wà lórí Excel, òun á sì sọ ìyàtọ̀ fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. A bi í nípa dídarí òṣìṣẹ́: ó ní òun kò ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n òun lòun kọ́ atajà tuntun méjì níṣẹ́. Ó tó. Kò gbà ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ kan sọ síbí. Iye kan wà tó jẹ́ àṣírí ibi iṣẹ́ àtijọ́: owó tí wọ́n pa, iye tí wọ́n ń ra ọjà. Kódà bó bá jẹ́ òótọ́, kò yẹ kó wọ inú lẹ́tà. Agbanisíṣẹ́ tuntun á rò ó pé bó ṣe máa tú àṣírí tiwọn náà nìyẹn.

Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀

Ojú ewé kan ni, ọ̀rọ̀ bí 250 sí 400, ìpínrọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ gbọ́ àárín rẹ̀ nísinsìnyí:

"Mo ń béèrè fún iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ oògùn tí ẹ kéde. Fún ọdún 3, èmi ni mo ń gba oògùn wọlé, tí mo ń tò ó, tí mo sì ń ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atajà ni orúkọ ipò mi.

"Ẹ kọ ọ́ pé oògùn kankan kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ lórí pẹpẹ. Níbi tí mo wà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù síwájú, mo sì ń yẹ pẹpẹ kan wò lójoojúmọ́. Nínú ìwé ohun tí a kó dànù, páálí 31 ló wà ní ọdún àkọ́kọ́ mi; ní ọdún kẹta, 9 ni.

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń ka apá kan ọjà, tí mo ń fi wé àkọsílẹ̀ orí Excel, tí mo sì ń jábọ̀ ìyàtọ̀ tó bá wà. N kò tíì jẹ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ atajà tuntun méjì bí a ṣe ń gba ọjà àti bí a ṣe ń kà á."

Ẹ fún awakọ̀ ní lẹ́tà yìí. Ṣé ó lè fọwọ́ sí i? Kódà atajà mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù kan náà kò lè fọwọ́ sí i.

Ẹ wo ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ dáadáa. Ọdún 3 wà níbẹ̀, nítorí "gbọ́dọ̀" ni. Orúkọ ipò náà wà níbẹ̀, kí sífíì tó sọ pé "atajà" má baà jọ pé ó ń tako lẹ́tà. Ẹ tún wo bí a ṣe sọ ohun tí kò ní: gbólóhùn kan, láìsí ẹ̀bẹ̀, ohun tó súnmọ́ ọn jù sì tẹ̀ lé e kíákíá. Ìdí tí a fi sọ ọ́ rárá ni pé dídarí òṣìṣẹ́ wà lára iṣẹ́ ojoojúmọ́ ipò náà.

Bí ohun tí a béèrè kò bá sí

Nígbà mìíràn, kò sí ìkéde. Olùwáṣẹ́ fẹ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí kò kéde àyè kankan. Ó ṣì gbọ́dọ̀ mú ipò kan ṣoṣo. "Iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá wà" kò ní ọ́fíìsì tí wọ́n máa gbé e lọ. Kó wá ìkéde mẹ́ta fún irú ipò bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ mìíràn, kó fa ìlà sábẹ́ ohun tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì lo ìyẹn bí ẹni pé ìkéde ni.

Nígbà mìíràn, àsìkò ló ń lọ: ọjọ́ òní ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn, ẹni náà kò sì gbé fóònù. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ fi àmì akọmọ sí ihò kọ̀ọ̀kan, báyìí: [iye ọdún], [ohun tí ẹ yí padà], [iye tó wà nínú ìwé]. Ẹ má fojú inú yá iye kankan fún un. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kan máa ń fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an pẹ̀lú àmì. Nítorí náà, kí wọ́n wá "[" nínú fáìlì náà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ lẹ́tà àtijọ́ ni wọ́n tún ṣe, kí wọ́n wá orúkọ ilé iṣẹ́ ti tẹ́lẹ̀ náà. Ó máa ń fara pa mọ́ sí ìpínrọ̀ ìkẹyìn.

Èyí tó le jù ni pé kí ìbéèrè fi hàn pé olùwáṣẹ́ kò ní ohun tó wà lábẹ́ "gbọ́dọ̀." Bó bá jẹ́ ìrírí ọdún 2 ni wọ́n béèrè, tó sì ní ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, kó kọ ọ́ bó ṣe rí, kó sì fi ẹ̀rí tó lágbára tì í. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan máa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwé àṣẹ tí òfin béèrè kí ènìyàn tó fọwọ́ kan iṣẹ́ náà ni, irú èyí tí nọ́ọ̀sì tàbí apoògùn ń gbà, lẹ́tà kankan kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ sọ fún un nírọ̀rùn, láìgba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bá a wo ìkéde mìíràn tí ìrírí rẹ̀ lè wọ̀.

Ẹ tọ́jú ìdáhùn tí ẹ bá gbà sínú ìwé kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹni náà. Nígbà tó bá tún padà wá nítorí iṣẹ́ mìíràn, ìkéde nìkan lẹ máa béèrè.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá mú ìkéde dání lónìí, kó gbé e wá síwájú, ká jọ kà á.